Bébà há sínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé oníńkì: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí bí a ṣe ń yọ ọ́ láì fà á ya, láì ba rólà jẹ́

Ẹ̀rọ tí a ní lọ́kàn níbí ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé oníńkì tí bébà ń gba ẹ̀yìn wọlé tó sì ń gba iwájú jáde, pàápàá èyí tó ní ilé íńkì lẹ́gbẹ̀ẹ́, irú tí ẹ máa rí lórí tábìlì àwọn tó ń tẹ̀wé fún ará àdúgbò. Bébà rẹ̀ ni A4 lásán, oní-gíráàmù 80. Bí bébà bá ya nígbà tí a ń yọ ọ́, kì í sábà jẹ́ ẹ̀bi bébà. Ẹni tó fà á ni kò kọ́kọ́ wo ibi tí ẹ̀rọ ti dì í mú.

Ibo gan-an ni ẹ̀rọ ti ń di bébà mú?

Ibi mẹ́ta ni. Èkíní ni rólà rọ́bà tó wà nísàlẹ̀ tírè ẹ̀yìn. Òun ló ń mú ewé bébà kan ṣoṣo nínú gbogbo èyí tí ẹ kó síbẹ̀. Èkejì ni rólà onírin gígùn tó wà lẹ́yìn orí ìtẹ̀wé, ìyẹn apá tó ń lọ tó ń bọ̀ láti fi íńkì sára bébà. Bí ẹ bá fi ìka kàn án, ara rẹ̀ le háráhárá, kó lè di bébà mú dáadáa. Àwọn rólà kéékèèké kan wà lórí rẹ̀ tí sípíríìnì ń tẹ̀ mọ́ ọn, àárín wọn sì ni bébà ń gbà kọjá. Ẹ̀kẹta ni rólà ìjáde níwájú. Àwọn wíìlì tín-ín-rín eléyín ló jókòó lé e, wọ́n rí bí ìràwọ̀. Wọ́n ní eyín kí wọ́n lè tẹ bébà láì fi íńkì tútù yí i.

A4 gùn tó mílímítà 297, àyè àárín àwọn rólà yìí kò sì tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ewé kan náà lè wà lẹ́nu rólà méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà mìíràn mẹ́ta. Bí ẹ bá ń fà á níwájú tí rólà ẹ̀yìn ò sì tíì jọ̀wọ́ rẹ̀, àárín wọn ló máa ya. Bí íńkì bá sì ti rin ibẹ̀ gbingbin, tí àwòrán ńlá wà lórí rẹ̀, yóò tètè ya ju ibi tó gbẹ lọ.

Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe tí mo bá gbọ́ ariwo tí bébà sì dúró?

Ẹ má tíì fọwọ́ kan bébà. Ẹ tẹ bọ́tìnì tó ń fagi lé iṣẹ́. Àwọn ẹ̀rọ kan á fúnra wọn yí rólà láti ti bébà jáde, bí wọ́n bá sì ṣe é, iṣẹ́ parí. Bí kò bá jáde, ẹ pa ẹ̀rọ láti ara bọ́tìnì rẹ̀, kí ẹ wá yọ pọ́ọ̀gì rẹ̀ kúrò lára ògiri. Kódà bó bá jẹ́ pé iná ló lọ, ẹ yọ pọ́ọ̀gì náà. Bí wọ́n bá mú iná dé lójijì, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló máa ń yí rólà tó sì ń gbá orí rẹ̀ lọ gbá a bọ̀ kó tó jókòó jẹ́ẹ́, ọwọ́ yín ò sì gbọdọ̀ wà nínú rẹ̀ nígbà náà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kó gbogbo bébà tí kò tíì wọlé kúrò nínú tírè ẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fo èyí, bẹ́ẹ̀ òkìtì bébà ló ń tẹ èyí tó há mọ́ rólà. Ẹ ṣí ìdérí, kí ẹ tan iná fóònù yín wo inú.

Ohun mẹ́ta wà níbẹ̀ tí a kì í fọwọ́ kàn. Ọ̀kan ni rìbọ́n tín-ín-rín tó mọ́ gaara bí ike, tó nà láti ọ̀tún dé òsì lẹ́yìn orí ìtẹ̀wé. Ìlà wẹ́wẹ́ kún ara rẹ̀. Òun ni ẹ̀rọ ń kà láti mọ ibi tí orí rẹ̀ dé. Ọ̀rá ìka tàbí ẹ̀kán íńkì kan lórí rẹ̀ tó láti mú kí orí ìtẹ̀wé ya wèrè, kó máa gbá ara rẹ̀ mọ́ ògiri. Èkejì ni wáyà funfun pẹlẹbẹ. Ẹ̀kẹta ni àwọn páìpù kéékèèké tó ń gbé íńkì láti ilé rẹ̀ wá.

Apá ibo ni kí n ti fà á: iwájú tàbí ẹ̀yìn?

Níbi tí iwájú bébà dé ni ìdáhùn wà.

Bí bébà kò bá tíì dé abẹ́ orí ìtẹ̀wé, tí ó jẹ́ pé tírè ẹ̀yìn ni ó pọ̀ sí, rólà rọ́bà nìkan ló dì í mú. Ẹ fà á sókè láti ẹ̀yìn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ní títọ́ bó ṣe wọlé. Tó bá jẹ́ pé ó ti kọjá lábẹ́ orí ìtẹ̀wé, tí ẹ sì ń rí i níwájú tó ìbú ìka mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, iwájú ni kí ẹ ti fà á. Ọ̀nà tó ń lọ tẹ́lẹ̀ náà nìyẹn, àwọn rólà á sì yí tẹ̀ lé e.

Èyí tó le ni èyí tó wà láàárín méjèèjì: rólà onírin ti gbá a mú, ṣùgbọ́n kò tíì yọ síwájú. Ẹni tó bá fà á sẹ́yìn níbí ń bá rólà náà jà. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, gíà kì í fẹ́ yí padà sẹ́yìn, bébà á sì máa họ rọ́bà títí ara rẹ̀ á fi máa dán. Rọ́bà tó bá ti dán kò ní lè mú bébà mọ́ lọ́jọ́ iwájú. Fún irú èyí, rólà ni kí ẹ yí, kì í ṣe bébà ni kí ẹ fà. A máa sọ bí a ṣe ń yí i nísàlẹ̀.

Bí orí ìtẹ̀wé bá dúró lé bébà lórí, tí kì í ṣe pé ó ti padà sí ibùjókòó rẹ̀ lápá ọ̀tún, ẹ di orí rẹ̀ mú lókè, kí ẹ rọra gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí kò bá lọ, ẹ má fi agbára tì í. Tó bá wà ní ìkángun ọ̀tún, ó lè jẹ́ pé ibùjókòó rẹ̀ ló ti tì pa, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Báwo ni fífà náà ṣe gbọ́dọ̀ rí?

Ọwọ́ méjèèjì ni. Ẹ fi ọ̀kan di apá ọ̀tún bébà mú, èkejì lápá òsì, kí àyè tó wà láàárín ọwọ́ méjèèjì sì fẹ́ dáadáa. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ àti ìka mú un, kì í ṣe èékánná. Ẹ fà á ní títọ́, kí apá kan má ṣíwájú èkejì. Ó yẹ kó gbà yín tó ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún kí gbogbo rẹ̀ tó jáde. Bí ó bá yá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ti ń já a nìyẹn.

Bí ẹ bá ń fà á, ẹ tẹ́tí sílẹ̀. Ìró rólà tó ń yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ dára. Bí ẹ bá gbọ́ “kẹ̀ kẹ̀ kẹ̀”, eyín gíà ló ń fo ara wọn, ẹ dúró. Bí ẹ bá rí i pé etí bébà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya, ẹ má fà á ní apá yẹn mọ́. Ẹ yí ọwọ́ sí apá tó ṣì le, tàbí kí ẹ lọ sí ọ̀dọ̀ rólà.

Mo fà á, kò jáde. Báwo ni a ṣe ń yí rólà?

Pọ́ọ̀gì ti gbọ́dọ̀ kúrò lára ògiri o. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ inú ẹ̀rọ. Nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀, ẹ máa rí gíà ńlá aláwọ̀ funfun tàbí dúdú ní ìkángun rólà onírin. Ẹ fi ìka kan yí i díẹ̀díẹ̀ sí apá tí bébà fi ń lọ síwájú, bí ìdajì sẹ̀ǹtímítà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì máa wo bóyá bébà ń tẹ̀ síwájú. Ó yẹ kó rọ̀ yín lọ́wọ́. Bí ó bá yọ síwájú tó ìbú ìka mẹ́ta, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbà á níbẹ̀.

Bí gíà bá le gbagidi, ó ṣeé ṣe kí bébà ti ká jọ bí àkàrà sábẹ́ rólà. Ẹ má fi ẹ̀mú onírin yí i. Ẹ kọ́kọ́ fi ìka tú ìkájọ náà sílẹ̀ láti ẹ̀yìn, kí ẹ wá padà sí gíà. Àwọn ẹ̀rọ kan ti bo gíà yìí pátápátá. Fún irú wọn, ẹ pa ìdérí dé, kí ẹ tún pọ́ọ̀gì sí i, kí ẹ sì tàn án lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: bó ṣe ń jí, ó máa ń yí rólà síwájú, ó sì lè ti bébà jáde. Bí ẹ bá gbọ́ ìgbámọ́ra líle, ẹ pa á kíá, kí ẹ má sì ṣe é lẹ́ẹ̀kejì.

Ó ti ya. Báwo ni màá ṣe mọ̀ bóyá nǹkan ṣẹ́kù sínú?

Ẹ tò ó jọ lórí tábìlì. Ẹ má ju ègé kankan nù kí ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé ewé A4 tó pé sílẹ̀, kí ẹ to àwọn ègé lé e lórí, ihò tó bá ṣẹ́kù ni ohun tó wà nínú ẹ̀rọ.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan yẹ̀ wò. Wọ́n ń tẹ lẹ́tà kan, iná lọ nígbà tí iṣẹ́ dé bíi ìdajì, ẹnì kan sì fi ọwọ́ kan já bébà láti ẹ̀yìn. Ègé méjì ló jáde: èyí tó wà níwájú, tó gùn ní mílímítà 130, àti èyí tó wà lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n tò ó, ègé onígun mẹ́ta kan ni kò sí, ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin, létí apá ọ̀tún lẹ́tà náà, láti nǹkan bí mílímítà 130 sí 170 láti òkè.

Ibí ni àwọn èèyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n á wo apá ọ̀tún ẹ̀rọ, wọn ò ní rí nǹkan kan. Lẹ́tà máa ń fi orí jáde sọ́dọ̀ ẹni tó jókòó níwájú ẹ̀rọ, ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ dorí kodò sí i. Ọ̀tún ẹni tó ń ka lẹ́tà wá di òsì ẹni tó ń wo ẹ̀rọ. Nítorí náà, bí bébà ṣe jáde ni kí ẹ tò ó, kì í ṣe bí ẹ ṣe máa kà á. Lọ́nà yìí, òsì ni ègé náà wà.

Ṣé ó wà níwájú ni tàbí lẹ́yìn? Nígbà tí iná lọ, ìlà tí wọ́n ń tẹ̀ wà ní nǹkan bí mílímítà 130, ìlà náà sì wà lábẹ́ orí ìtẹ̀wé. Ohun tó bẹ̀rẹ̀ láti 130 lọ sí 170 kò tíì kọjá orí ìtẹ̀wé, nítorí náà etí rólà onírin ni kí ẹ wò, lápá òsì. Ẹ gbé orí ìtẹ̀wé lọ sí ọ̀tún kí ẹ lè ráyè. Ẹ tan iná fóònù sí i ní ìdábùú, òjìji ètè bébà á sì fi ara hàn. Ẹ fi ẹ̀mú oníke mú un. Bí etí rẹ̀ bá ṣì wà lẹ́nu rólà, ẹ fi ìka yí gíà síwájú díẹ̀, kí ẹ máa fà á bí ó ṣe ń jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ègé yẹn lé ihò tó wà lórí tábìlì. Bí ó bá dí i tán, inú ẹ̀rọ mọ́. Bí ihò kékeré kan bá ṣì kù, ẹ padà lọ wá a.

Ègé náà wà níbi tí ẹ̀mú ò lè dé.

Bébà líle lè ti bébà rírọ̀. Ẹ mú páálí tín-ín-rín tàbí bébà fótò, kí etí rẹ̀ gún régé, kí ó má sì nípọn ju ohun tí ẹ̀rọ yín máa ń gbà lọ. Ẹ rọra tì í wọlé láti tírè ẹ̀yìn, ní ibi tí ègé náà wà gan-an, kí ẹ sì máa yí gíà síwájú. Páálí á tì í kọjá títí yóò fi yọ níwájú. Bí ó bá kọ̀ láti kọjá, ẹ má tì í pẹ̀lú agbára, nítorí ahọ́n ike kékeré kan wà nínú ọ̀nà yẹn tó máa ń sọ fún ẹ̀rọ pé bébà ti dé. Bí ó bá kán, owó àtúnṣe ló kàn.

Ọ̀bẹ, abẹ́rẹ́ àti irin sípóòkù kẹ̀kẹ́ kò sí nínú iṣẹ́ yìí. Wọ́n ń ha rólà, wọ́n sì ń ṣẹ́ eyín àwọn wíìlì bí ìràwọ̀.

Ṣé mo lè dojú ẹ̀rọ dé kí ègé náà já bọ́?

Rárá o. Èyí tó ní ilé íńkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ á da íńkì sínú ara rẹ̀, ẹ óò sì máa wá ẹni tó máa fọ̀ ọ́. Kódà, ẹ má gbé e dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Tèmi ń gba bébà láti iwájú, nísàlẹ̀.

Nínú irú èyí, bébà máa ń yípo lẹ́yìn kó tó padà síwájú, ibi ìyípo yẹn ló sì ń há sí jù. Ẹ yí ẹ̀rọ, kí ẹ wá ìlẹ̀kùn kékeré lẹ́yìn rẹ̀. Ó máa ń ní bọ́tìnì méjì tí a ń tẹ̀ pọ̀. Ẹ tún fa tírè bébà jáde pátápátá, kí ẹ wo ihò tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ kan ò ní ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn. Abẹ́ orí ìtẹ̀wé ni ẹ máa rí ìdérí ọ̀nà bébà tí ẹ lè gbé sókè. Ọwọ́ méjèèjì àti sùúrù kan náà ni.

Mo ti yọ gbogbo rẹ̀, síbẹ̀ ó ń sọ pé bébà há.

Orí ọ̀pọ̀ Canon PIXMA G, E03 ni ẹ máa rí, kọ̀ǹpútà sì lè kọ 1300. Orí àwọn HP DeskJet kéékèèké, E4 ni. E3 ti HP yàtọ̀: orí ìtẹ̀wé ni kò lè rìn, kì í ṣe bébà.

Bí bébà ò bá sí mọ́, ahọ́n ike tí a mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ó yẹ kó ṣubú padà fúnra rẹ̀ bí ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́ tí ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Bí ó bá dúró síbi tí ẹ tì í sí, ègé bébà tí kò tó èékánná lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ tún fi iná wo ìsàlẹ̀ tírè ẹ̀yìn. Ihò yẹn ṣí sókè lójoojúmọ́ ni, ìdérí báírò, pín-ìnnì, owó ẹyọ àti ọmọńlé tó kú ni wọ́n sábà ń bá níbẹ̀. Ẹ fi aṣọ tó mọ́ bò ó nígbà tí ẹ ò bá lò ó.

Báwo ni mo ṣe ń fọ rólà rọ́bà?

Bí bébà bá ń yọ̀ tí kò wọlé, tàbí tó ń wọlé nígbà mìíràn nìkan, eruku bébà ló ti bo rọ́bà. Ẹ mú aṣọ tí kì í já fọ́nrán, kí ẹ fi omi tó mọ́ rin ín díẹ̀, kí ẹ fún un títí tí kò fi ní kán mọ́. Ẹ fi nu rólà náà láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́, kí ẹ yí i díẹ̀, kí ẹ tún nu ún, títí ẹ ó fi yí i po tán. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó fi bébà sí i.

Omi tó. Ẹ má lo pẹtiróòlù, kẹrosíìnì tàbí ohun tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́. Wọ́n ń mú kí rọ́bà wú, wọ́n sì ń sọ ọ́ di gbígbẹ. Sípírítì náà máa ń mú kí rọ́bà gbẹ bí a bá ń lò ó lemọ́lemọ́. Lórí ọ̀pọ̀ Canon, ẹ lè tẹ `Roller Cleaning` lójú ìwé `Maintenance` nínú kọ̀ǹpútà, kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ yí rólà.

Kí ló dé tó ń há lójoojúmọ́?

Ní ìgbà òjò, bébà ń mu ọ̀rinrin afẹ́fẹ́. Etí rẹ̀ á ká, ara rẹ̀ á rọ̀, rólà á sì gbé e wọlé ní wíwọ́. Ẹ má tú rímù sílẹ̀ sórí tábìlì. Ẹ fi èyí tí ẹ ò tíì lò sínú ọ̀rá rẹ̀, ní títẹ́, kí ẹ sì kó ìwọ̀nba tí ẹ máa lò sínú tírè, bíi 20 tàbí 30, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àyè rẹ̀ lè gbà tó 100. Ní ọyẹ́, ọ̀rọ̀ yí padà: bébà á gbẹ, àwọn ewé á máa lẹ̀ mọ́ ara wọn, méjì á wọlé pọ̀. Ẹ fẹ́ wọn bí ẹní ń fẹ́ káàdì kí ẹ tó kó wọn síbẹ̀, kí ẹ sì gbá etí wọn dọ́gba lórí tábìlì.

Ike tó ń di ẹ̀gbẹ́ bébà mú yẹ kó fara kan bébà, kó má tẹ̀ ẹ́ kó. Bí ó bá jìnnà, bébà á wọ́. Bí ó bá fún un jù, àárín rẹ̀ á wú sókè. Bébà tí wọ́n ti tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí ẹ fẹ́ tún lò náà ń dá wàhálà sílẹ̀, pàápàá bí pín-ìnnì bá ti wà lára rẹ̀ rí.

Iná lọ nígbà tó ń tẹ̀wé. Ṣé mo lè fi í sílẹ̀ di òwúrọ̀?

Ó sàn kí ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Orí ìtẹ̀wé kò tíì padà sí ibùjókòó rẹ̀ níbi tí rọ́bà ti ń bo imú íńkì. Bí ó bá sùn ní ìta, íńkì á gbẹ sí ihò rẹ̀, ìlà á sì máa fò nígbà tí ẹ bá tún tẹ̀wé. Ẹ yọ bébà tán lóru náà. Bí iná kò bá dé, tí ẹ sì ní jẹnẹrétọ̀, ẹ tàn án kí ẹ̀rọ jí fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ wá pa á láti ara bọ́tìnì rẹ̀. Orí á ti jókòó nígbà náà.

Ìgbà wo ni kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe?

Bí rìbọ́n gaara bá ti yọ kúrò níbi tí wọ́n fi í kọ́, bí sípíríìnì tàbí ègé gíà bá já bọ́, tàbí bí íńkì bá ń kán sínú ẹ̀rọ. Bákan náà ni bí ihò bá ṣì wà lórí tábìlì yín lẹ́yìn tí ẹ ti fi páálí wá a lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ kó àwọn ègé bébà náà dání bí ẹ ti tò wọ́n, kí ẹ fi téèpù lẹ̀ wọ́n pọ̀, kí ẹ sì sàmì sí etí tó kọ́kọ́ jáde. Ẹni tó máa tú ẹ̀rọ á fi mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.